Ẹ̀yìn Ti Pọ́n, Inú Ńkọ́? Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹran Tó Jinná Láìsí Tẹmọ́mítà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mi ò ní tẹmọ́mítà nílé. Mo dín itan adìyẹ lánàá, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dáadáa, àmọ́ bí ọmọ mi ṣe jẹ ẹ́ débi egungun, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Ẹran lílọ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Kí ni mo lè máa wò kí n lè mọ̀ dájú pé inú ẹran ti jinná?"

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ rántí ẹran tó yí egungun yẹn ká. Ṣé ó ń dán, tó ń yọ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ, àbí dídán rẹ̀ ti lọ, tó ń ya ní fọ́nrán-fọ́nrán? Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ bóyá itan náà jinná. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ rí kò lè sọ ọ́ fún yín.

Ìdí ni pé adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran kì í pẹ́ láyé. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Egungun irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó, mùdùnmúdùn inú rẹ̀ sì pupa. Bí iná bá mú un, pupa yẹn á jò gba ara egungun jáde, á sì kun ẹran tó wà nítòsí rẹ̀. Bí adìyẹ náà bá ti wọ fírísà rí, ó máa ń jò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ náà a sì máa dúdú. Ẹ lè se itan bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kí àmì pupa náà ṣì wà lára egungun, kí ẹran náà sì ti jinná pátápátá.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí ẹ fọkàn balẹ̀ nípa itan ti àná. Itan tí wọ́n gbé sínú òróró gbígbóná ní tútù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tètè pọ́n, ni irú ẹran tí inú rẹ̀ kì í sábà jinná. Ara ẹran máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nígbà tí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ bá tó nǹkan bí 140°C, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú òróró. Ooru kì í sáré nínú ẹran. Ńṣe ló ń fà wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn sí àárín, bí ẹran bá sì nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tó máa gbà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ẹran tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 gba ìṣẹ́jú 6 kó tó jinná dé àárín. Èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 máa gba bí ìṣẹ́jú 24. Ìyàtọ̀ yẹn ló fà á tí ẹ̀yìn itan fi lè jó kí inú rẹ̀ tó gbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé iná ni kò tó, wọ́n á wá fi kún iná, ìyẹn á sì tún mú kí ẹ̀yìn yára jó sí i.

Ohun tó ń pa kòkòrò àìfojúrí inú ẹran ni ooru tó dé ibi tó tutù jù lọ nínú rẹ̀, àti bí ooru náà ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn rọrùn láti rántí: adìyẹ, yálà odidi, gígé tàbí lílọ̀, 74°C; ẹran màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a lọ̀, 71°C; ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò lọ̀, 63°C, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 kó tó di jíjẹ. Ọ̀nà míì ni àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sọ ọ́: kí àárín ẹran wà ní 70°C fún ìṣẹ́jú 2. Wọ́n tún gbà pé 65°C fún ìṣẹ́jú 10 ń ṣe iṣẹ́ kan náà, 75°C fún ìdajì ìṣẹ́jú náà ń ṣe é. Mo kó àwọn iye yìí kalẹ̀ nítorí ohun kan ni: àkókò wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà kò lè wọn ooru inú ẹran, ṣùgbọ́n ó lè ka ìṣẹ́jú, ó sì lè yan ọ̀nà ìsè tí ooru rẹ̀ kò ní iyèméjì. Màá padà síbẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọ̀ kúrò lọ́nà, torí òun ni gbogbo wa fi kọ́ iṣẹ́ ìdáná, òun náà ló sì ń tàn wá jù. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan tí Solveig Langsrud ti ilé ìwádìí Nofima ní Nọ́wè ṣáájú wọn gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi ilé tó lé ní 3,900 léèrè ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù nípa bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé adìyẹ ti jinná, wọ́n sì gbé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń lò wá sínú yàrá ìwádìí láti dán an wò. Díẹ̀ ló ń lo tẹmọ́mítà. Ọ̀pọ̀ ń wo àwọ̀ inú ẹran. Ohun tí wọ́n sì rí ni pé àyà adìyẹ ti ń yí àwọ̀ padà, tó ń di funfun, nígbà tí ooru inú rẹ̀ kò tíì tó 55°C. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ nítorí pé ó ti funfun ń gbé ẹran tí kòkòrò àìfojúrí bíi Sàmónẹ́là àti Kampilobákítà ṣì lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àwọ̀ pupa létí egungun ń dẹ́rù bà yín lórí ohun tí kò léwu, àwọ̀ funfun láàárín àyà sì ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ohun tó léwu. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Omi ara ẹran ńkọ́, èyí tí wọ́n ní kó mọ́ gaara? Àárín ẹran kọ́ ni omi tó ń jáde níbi tí ẹ gún ti wá, ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá ló ti wá. Bí omi náà bá pupa, ẹ dá ẹran padà sórí iná, ẹ ò ní pàdánù ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bó bá mọ́ gaara, ìyẹn nìkan kò tó láti gbé ẹran sílẹ̀.

Ohun tí mo ní kí ẹ máa wò ni fọ́nrán ẹran. Ẹ gé adìyẹ tútù lónìí kí ẹ tó sè é, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Ó ń dán bí ẹni pé omi wà lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ó sì rọ̀ bíi jẹ́lì. Ẹ ò ní rí ìlà kankan nínú rẹ̀ dáadáa. Bí ooru bá ti wọ inú rẹ̀ tó, àwọn èròjà rẹ̀ á dì, omi á fún kúrò láàárín wọn, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á wá yọ ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú ibi tí ẹ gé kò ní dán mọ́. Bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ tí ẹ fà á, á ya lójú ìlà, kò ní fà bí rọ́bà. Àwọn onímọ̀ tí mo sọ yẹn náà gbà pé wíwo fọ́nrán ní àárín ẹran sàn ju wíwo àwọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti ń wò ó báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó gbọ́ nípa ìwádìí wọn, ìnú mi sì dùn nígbà tí mo rí i.

Ibi tí ẹ gé ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe wò ó lọ. Fún àyà adìyẹ, ẹ gé e sí méjì gan-an níbi tó nípọn jù. Má ṣe fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un kí o máa yọjú, ẹ gé e já. Fún itan, ẹ ki ọ̀bẹ bọ oríkèé tó so itan pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé egungun lọ, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń dé kẹ́yìn. Bí fọ́nrán ibẹ̀ kò bá dán mọ́, tí èéfín sì ń rú jáde níbẹ̀, ẹ fi pupa ara egungun sílẹ̀, ó ti jinná. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ni kí ẹ gé. Mo ti fìyà jẹ ara mi rí lórí èyí. Mo ń yan itan adìyẹ fún àlejò lọ́jọ́ kan, mo gé èyí tó kéré jù nítorí pé mi ò fẹ́ ba èyí tó dára jẹ́. Ó jinná dáadáa, mo bá kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Èyí tó tóbi jù bọ́ sọ́wọ́ àgbàlagbà kan, yìnyín kò tíì tú tán nínú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sórí iná, létí egungun ló sì ti ń dán wìnìwìnì. Ẹran tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń gba àkókò tó tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti èyí tó ti tú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ti jinná, èyí tó tóbi jù ni mò ń bà jẹ́.

Ìwádìí Nọ́wè yẹn tún rí ohun kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ alásè. Wọ́n dín àyà adìyẹ ní páànù títí àárín rẹ̀ fi gbóná tó, síbẹ̀ wọ́n rí kòkòrò tó yè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú méjèèjì tó kan páànù ti jó, àárín ti jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí kò kan irin, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, kò gbóná tó. Ẹ fi ẹ̀mú gbé ẹran dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yí i kiri, tàbí kí ẹ fi ọmọrí bo páànù kí ooru omi lè ká gbogbo ara rẹ̀ mọ́.

Iṣan ni ẹ̀rí kejì tí mo fọkàn tán. Nínú itan adìyẹ, okùn iṣan tó so oríkèé pọ̀ kì í yọ́ kíákíá. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ooru tó ju 70°C lọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá di ẹsẹ̀ adìyẹ mú, tí ẹ yí i, tó sì yí láìṣagídí, tí oríkèé fẹ́ yọ kúrò, ooru ibẹ̀ sábà máa ń ti kọjá 74°C. Bí ó bá ń gbé ẹran odindi tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ dá a padà. Àmọ́ ẹ má lo ẹ̀rí yìí fún àyà adìyẹ. Àyà kò ní iṣan tó pọ̀, ó rọ̀ nígbà tó tutù, ó rọ̀ nígbà tó jinná, ó sì le nígbà tí ẹ sè é jù. Rírọ̀ rẹ̀ kò sọ ohunkóhun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú itan ti àná, ká tún un ṣe. Ká ní itan mẹ́rin ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 250, tí ibi tó nípọn jù sì tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ jẹ́ kí yìnyín tú nínú rẹ̀ tán nínú firíìjì láti àná. Bí ẹ bá tẹ ìdí egungun tí ó ṣì le bí òkúta, kò tíì tú. Ẹ kó o sínú ìkòkò ní ẹyọ ìpele kan, ẹ má tò ó léra, ẹ bu omi tó bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi iyọ̀ àti èròjà tí ẹ bá fẹ́ sí i, ẹ sì dé e. Nígbà tí omi bá hó ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, kì í ṣe nígbà tí ẹ gbé e kaná. Ẹ wá dín iná kù kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú 40 sí 50. Iná ńlá kò ní mú un yá, nítorí omi tó ń hó kì í kọjá 100°C, ì báà ru títí tó fi gbé ọmọrí dànù. Ṣùgbọ́n kò ní já sí 60°C náà níwọ̀n ìgbà tó bá ń hó. Ibẹ̀ ni agbára omi wà fún ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà: ẹ mọ ooru rẹ̀ láì wọn ọ́n, gbogbo ara ẹran ló kàn, kò ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Àyà tí kò ní egungun kò ju ìṣẹ́jú 25 sí 30 lọ, apá sì ń gba bí 35 sí 45.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ẹ mú èyí tó tóbi jù, ẹ yí oríkèé rẹ̀, ẹ gé e létí egungun. Bí ó bá ti jinná, ẹ kó o jáde, ẹ nù ún gbẹ, ẹ jù ú sínú òróró gbígbóná fún ìṣẹ́jú 4 sí 6 péré kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè pọ́n. Nísinsìnyí, òróró kò níṣẹ́ míì ju pípọ́n ẹ̀yìn lọ. Omi ti ṣe iṣẹ́ inú. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ ní ààbọ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀ títí di alẹ́, pé ẹ máa dín in nígbà tí àlejò bá dé. Àárín ẹran tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jinná ni ilé tó dára jù fún kòkòrò láti bí sí i. Bí ẹ bá fẹ́ dín in lálẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ jinná pátápátá, kí ẹ gbé e sínú firíìjì kí wákàtí 2 tó pé.

Ẹran lílọ̀ yàtọ̀, ẹ sì jàre láti máa bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹran màlúù bá wà ní odindi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kòkòrò sábà máa ń wà, iná sì ń kọ́kọ́ kàn ẹ̀yìn. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ti di ohun tó wà ní àárín. Èyí tó burú jù nínú wọn ni oríṣi I-kólì kan tí wọ́n ń pè ní O157, tí díẹ̀ rẹ̀ péré tó láti kó àìsàn bá ọmọdé, tó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, ẹran lílọ̀ tí kò jinná tó mú kí àwọn tó lé ní 700 ṣàìsàn ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọmọ mẹ́rin sì kú.

Níbí ni àwọ̀ tún ti burú jù. Ohun pupa inú ẹran, tí wọ́n ń pè ní mayogilóbìnnì, máa ń yí padà fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá ti pẹ́ lára ẹran tàbí bí ẹran bá ti pẹ́ ní fírísà. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń di àwọ̀ ilẹ̀ lórí iná kí ooru inú rẹ̀ tó dé 71°C. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ pé, nínú ẹran lílọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rin, ọ̀kan máa ń yí àwọ̀ padà láàárín kó tó dé ibi ooru tó yẹ. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti kọjá 71°C tí wọ́n ṣì pupa. Fọ́nrán tí mo ní kí ẹ máa wò ńkọ́? Kò sí nínú ẹran lílọ̀ mọ́, ẹ̀rọ ti gé e wẹ́wẹ́. Iṣan náà ti lọ. Gbogbo ẹ̀rí tí ẹran ń fúnra rẹ̀ jẹ́ ni ẹ̀rọ ti pa rẹ́, nítorí náà ọ̀nà ìsè nìkan ló kù fún wa láti gbára lé.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ tú u ká. Ẹ da ẹran lílọ̀ sínú páànù gbígbóná, ẹ fi ṣíbí igi tú u títí kò fi sí ìṣù kan tó ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní àárín tí ooru kò ní dé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kúrò ní tútù, ẹ da ọbẹ̀ lé e, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ ṣù ú roboto, ẹ má jẹ́ kó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ sì sè é nínú ọbẹ̀ tó ń hó, tó sì bò ó mọ́lẹ̀, fún ìṣẹ́jú 20 láti ìgbà tí ọbẹ̀ náà bá ti tún hó. Ẹ gé èyí tó tóbi jù sí méjì. Láti etí dé àárín, kò gbọ́dọ̀ sí ibi tó yàtọ̀ sí ibòmíràn. Bí àárín bá ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ìyẹ̀fun pípò, tí etí sì ń fọ́ ní hóró-hóró, kò tíì tó.

Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ pẹlẹbẹ láti fi sáàárín búrẹ́dì ni mo ní ìṣọ́ra lé lórí. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ nígbà tó tutù, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀ torí ó máa ń wú bó bá ń jinná, ẹ dín in lórí iná níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì fi ọmọrí dé e fún ìṣẹ́jú 3 tó kẹ́yìn. Èyí tó nípọn bí ìka méjì, tí wọ́n dín ní páànù láìsí tẹmọ́mítà, mi ò ní fún ọmọdé, aláboyún, tàbí arúgbó jẹ. Mi ò mọ ọ̀nà tí ojú lásán lè gbà rí i pé ó ti dára.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Aràn ló fa ìbẹ̀rù rẹ̀ tí a jogún. Èyí tí wọ́n ń pè ní tirikinẹ́là kò ṣe é fojú rí nínú ẹran, ṣùgbọ́n aràn pẹlẹbẹ máa ń fi àpò funfun kékeré tó dà bí hóró ìrẹsì sínú ẹran. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gé ẹran tútù, ẹ má sè é rárá. Ooru 71°C ń pa àwọn méjèèjì, ó sì ń pa Sàmónẹ́là pẹ̀lú. Ní ti 63°C tí mo kọ lókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí ẹ ó fi ra tẹmọ́mítà. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní 63°C ṣì lè pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ láàárín, kò sì sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ sí èyí tó wà ní 56°C.

Bí ó bá jẹ́ èjìká tàbí ibi tí ọ̀rá àti iṣan pọ̀ sí, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, ẹ bọ̀ ọ́ títí fọ́ọ̀kì á fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì jáde láì gbé ẹran náà sókè. Ó sábà máa ń kọjá ìṣẹ́jú 45, ó tún lè ju wákàtí kan lọ. Iṣan ló ń jẹ́rìí níbẹ̀ bíi ti oríkèé itan: kò lè rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ooru ti pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tí kò lọ́ràá, tí ẹ gé pẹlẹbẹ, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ gé ọ̀kan já létí egungun, kí ẹ wo fọ́nrán rẹ̀ bí mo ṣe sọ fún adìyẹ.

Àwọn kan máa ń fi ìka tẹ ẹran, tí wọ́n á fi wé ìdí àtàǹpàkò wọn. Ìyẹn ń sọ bí ẹran ṣe le tó fún ẹni tó fẹ́ ẹran màlúù rírọ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa kòkòrò. Àwọn míì máa ń ki ọ̀pá irin tín-ín-rín sí àárín ẹran, kí wọ́n kà á dé 10, kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n fi kan ẹ̀yìn ọwọ́. Mo máa ń ṣe é fún ẹran ńlá inú ófùn, nítorí kò ba ẹran jẹ́. Bí irin náà bá lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, inú ẹran kò jinná, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n 60°C àti 75°C ló máa ta yín lọ́wọ́ bákan náà, nítorí náà ó lè sọ pé "kò tíì jinná" fún yín, kò lè sọ pé "ó ti jinná." Ẹ fọ irin náà pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó tún kì í bọ inú ẹran.

Ohun kan wà tí ìsè kò lè tún ṣe. Bí ẹran tútù tàbí sísè bá ti wà níta ju wákàtí 2 lọ, tàbí wákàtí 1 bí ojú ọjọ́ bá ti kọjá 32°C, àwọn kòkòrò kan máa ń tu májèlé sínú rẹ̀ tí omi híhó kì í pa. Irú ẹran yẹn lè jinná gan-an, kó sì tún fa èébì.

Ní ti ọmọ yín tó jẹ itan náà lánàá: Sàmónẹ́là sábà máa ń fi ara hàn láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 6, Kampilobákítà láàárín ọjọ́ 2 sí 5. Ẹ máa ṣọ́ ọ títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé. Bí ó bá kàn ya ìgbẹ́ díẹ̀, tó ń mu omi, tó sì ń ṣeré, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀-àti-ṣúgà lemọ́lemọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá 39°C, tí kò bá lè mu omi kó dúró nínú, tàbí tí kò tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sọ fún dókítà pé ó jẹ adìyẹ tí ẹ kò dá lójú, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó jẹ ẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró kí dókítà tó rí i.